650 Méjì Tí Kò Bá Ara Wọn Mu: Bí A Ṣe Ń Yan Stábíláísà àti Yúpíẹ́ẹ̀sì fún Kọ̀ǹpútà Géèmù

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà géèmù àti iná tó ń wọlé wa ni mo gbé wá lónìí. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ra ẹ̀rọ yìí fún ọmọ, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi owó ara yín kó o jọ díẹ̀díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà mọ́ rédíò yín.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọlé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ báyìí, ó kú nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, mo ra yúpíẹ́ẹ̀sì sí i." Yúpíẹ́ẹ̀sì ni ẹ̀rọ alábátìrì tó yẹ kó gba kọ̀ǹpútà dúró tí iná bá lọ, kí ẹni tó ń lò ó lè ráyè pa á wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ti dá ọmọ náà lójú pé páwà sọ́pláì ló bàjẹ́, ìyẹn àpótí onírin inú kọ̀ǹpútà tó ń gba iná ògiri, tó ń sọ ọ́ di iná kékeré tí àwọn ẹ̀yà inú lè lò. Ó ti wo àkọsílẹ̀ Event Viewer lórí Windows, ó sì bá Kernel-Power 41 níbẹ̀ léraléra. Ẹnì kan wá sọ fún un pé àmì páwà sọ́pláì tó ti jóná nìyẹn.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àkọsílẹ̀ yẹn ń sọ kò ju pé kọ̀ǹpútà kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á bó ṣe yẹ. Kò sọ ohun tó pa á. Mo so kọ̀ǹpútà náà mọ́ iná tó dúró ṣinṣin ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbé géèmù tó wúwo lé e fún wákàtí méjì, kò mira. Mo wá sọ fún un pé, "Àbúrò, jẹ́ ká lọ sílé rẹ lálẹ́ òní. Àìsàn yìí kò sí lára kọ̀ǹpútà."

Nígbà tí a dé ilé, mo bi í léèrè pé báwo ló ṣe yan yúpíẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Ó ní wọ́n kọ 650 sí ara páwà sọ́pláì òun, wọ́n sì kọ 650 sí ara páálí yúpíẹ́ẹ̀sì, òun sì gbà pé àwọn méjèèjì bára mu. Ẹ̀yin èèyàn mi, 650 méjèèjì yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà, kò sì sí èyí tó jẹ́ iye iná tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń jẹ nínú méjèèjì.

650 tó wà lára páwà sọ́pláì jẹ́ wáàtì. Ó ń sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára ọkọ̀ pé ó lè gba èrò méjìdínlógún. Ọkọ̀ náà lè gbé mẹ́jọ lọ, kó gbé mẹ́jọ bọ̀. 650 tó wà lára yúpíẹ́ẹ̀sì kì í ṣe wáàtì rárá, VA ni wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀. Bí ẹ bá yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò, ẹ ó rí nọ́ńbà kejì tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́, tó ní W níwájú. Lára tiẹ̀, 360W ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wáàtì yẹn ni agbára rẹ̀ gan-an. Lára ọ̀pọ̀ yúpíẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń tà láàárín wa, wáàtì kì í ju nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá VA lọ. Èyí tó bá kọ 1000VA lè jẹ́ 600W, òmíràn sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má rà á láìwo ẹ̀yìn rẹ̀.

Kí wá ni kọ̀ǹpútà náà ń jẹ? Mítà kékeré kan wà tí a máa ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí a ó sì ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ òun náà. Yóò máa ka wáàtì fún wa. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú ojú rẹ̀, ìyẹn mọ́nítọ̀. Nígbà tó ṣí i lásán, tí kò ṣe nǹkan kan, 75 wáàtì ni. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ géèmù, tí fáànù inú rẹ̀ ń ké, ó gòkè dé 340. Ẹni tí kò bá ní irú mítà yìí lè ṣe ìṣirò. Káàdì àwòrán rẹ̀ jẹ́ RTX 3060, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ pé ó ń jẹ 170 wáàtì. Prósẹ́sọ̀ rẹ̀ lè jẹ tó 76. Ẹ fi nǹkan bí 50 kún un fún háàdì díìsì, fáànù àti àwọn yòókù, ó di 296. Páwà sọ́pláì fúnra rẹ̀ ń fi díẹ̀ ṣòfò nínú ooru, nítorí náà ẹ pín in sí 0.85, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 350. Ẹ fi 30 ti mọ́nítọ̀ kún un, 380 nìyẹn. Ìṣirò náà ga díẹ̀ ju ohun tí mítà sọ, ṣùgbọ́n kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ẹ wò ó báyìí: 340 nínú 360. Ẹlòmíràn á ní ó ṣì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n káàdì àwòrán kì í jẹun ní ìwọ̀n kan. Bí nǹkan bá bú gbàmù nínú géèmù, tí àwòrán pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè fa iná tó ju tiẹ̀ lọ dáadáa fún àkókò kékeré tí ojú kò tilẹ̀ lè ṣẹ́. Mítà ògiri kì í rí i, ṣùgbọ́n yúpíẹ́ẹ̀sì ń rí i. Bó bá bá a lórí bátìrì, yóò ké pé ẹrù ti pọ̀ jù fún òun, yóò sì pa ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n mú wáàtì tí mítà kà nígbà géèmù, kí wọ́n fi ìdajì rẹ̀ kún un. 340 àti ìdajì rẹ̀ jẹ́ 510. Yúpíẹ́ẹ̀sì tí kò bá kọ 510W ó kéré tán sẹ́yìn ara rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn.

Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ni mo bá nílé ọmọ náà. Ní aago méje ààbọ̀ alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti tan iná, mo fi mítà wo sọ́kẹ́ẹ̀tì. Iye tó yẹ kó wà níbẹ̀ ní Nàìjíríà ni 230 fólítì. 158 ni mo bá. Ọmọ náà ní, "Ẹ ò rí i! Iná tó kéré yìí ló ń ba kọ̀ǹpútà mi jẹ́." Mo ní kó fara balẹ̀. Mo fi ara páwà sọ́pláì hàn án níbi tí wọ́n kọ 100-240V sí. Páwà sọ́pláì tó dára lóde òní lè ṣiṣẹ́ lórí 158 láìsí wàhálà. Bí iná bá ti ń wálẹ̀ ni yóò máa fa ámpíà púpọ̀ sí i láti fi dí i, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọ́n kọ 200-240V sí lára. Àwọn ni iná kékeré lè pa. Tiẹ̀ kò sí nínú wọn.

Mo wá fi ẹ̀yìn yúpíẹ́ẹ̀sì hàn án. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iná tó lè gbà wọlé bẹ̀rẹ̀ láti 165 dé 290 fólítì. Ní 158, lójú tirẹ̀, kò sí iná mọ́. Ó ti bọ́ sórí bátìrì. A dákẹ́, a tẹ́tí sí i. Ó ń ṣe tàà, ó padà sórí iná. Ó tún ṣe tàà, ó bọ́ sórí bátìrì. Bó ṣe ń ṣe lálaalẹ́ nìyẹn fún oṣù mẹ́rìnlá. Bátìrì tí wọ́n ṣe láti fi gba ènìyàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń mu bí omi àmù lójoojúmọ́. Nígbà tí iná bá wá lọ tán pátápátá, tí wọ́n nílò rẹ̀ gan-an, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

Mo tú bátìrì náà jáde. 12 fólítì, 7Ah ni. Nígbà tí mo fi mítà wò ó lásán, ó kà 12.6. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ó lera. Mo gbé ẹrù lé e, kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó fi já wálẹ̀ sábẹ́ 9. Bí wọ́n ṣe ń mọ bátìrì tó ti kú nìyí: kì í ṣe nígbà tó sinmi, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ni.

Kódà bí bátìrì yẹn bá jẹ́ tuntun, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí a ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe. Láti gbé 340 wáàtì jáde, yúpíẹ́ẹ̀sì ní láti fa nǹkan bí 400 láti inú bátìrì, nítorí òun náà ń fi díẹ̀ ṣòfò. 400 wáàtì láti inú 12 fólítì jẹ́ 33 ámpíà. 7Ah tí wọ́n kọ sára bátìrì náà jẹ́ ti ìgbà tí a bá ń fà á díẹ̀díẹ̀ fún 20 wákàtí, ìyẹn ìdá mẹ́ta ámpíà kan péré. Àwa ń fà á ní ìlọ́po tó súnmọ́ ọgọ́rùn-ún. Bí a bá fa bátìrì báyẹn, bóyá ló máa mú ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù tán. Bí ó bá jẹ́ bátìrì méjì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n so pọ̀ di 24 fólítì, ámpíà yóò di ìdajì, àkókò kò sì ní jẹ́ ìlọ́po méjì nìkan. Yóò súnmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí bátìrì tí a kò fi agbára fà ń fúnni ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó mú mi yan yúpíẹ́ẹ̀sì 1000VA tó jẹ́ 600W, tó ní bátìrì méjì nínú, fún un nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn kì í ṣe fún géèmù o. Ó wà fún kéèyàn fi géèmù pamọ́, kó sì pa kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá fẹ́ máa gbá géèmù lọ nígbà tí kò sí iná, ẹ̀rọ ínfátà ló ń wá. Kó má ṣe gbé bátìrì mọ́tò so mọ́ yúpíẹ́ẹ̀sì kékeré: ohun tó ń rọ iná sínú bátìrì nínú rẹ̀ kéré jù, ara rẹ̀ kò sì lè gba iṣẹ́ wákàtí kan láìgbóná dé ibi jíjó.

Iṣẹ́ stábíláísà ló kàn báyìí. Ẹ ti rí i pé kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló nílò rẹ̀ jù. Bátìrì yúpíẹ́ẹ̀sì ni stábíláísà ń dáàbò bò, kó má baà máa ṣiṣẹ́ lálaalẹ́. Bí iná yín kì í bá wálẹ̀ ju 180 lọ, tí kì í sì í ga ju 260, yúpíẹ́ẹ̀sì tó ń tún iná ṣe fúnra rẹ̀ ti tó. Ẹ má náwó sí stábíláísà. Ẹ fi mítà wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó pinnu. Ti ọmọkùnrin yìí ń dé 150 nígbà mìíràn, nítorí náà ó nílò rẹ̀.

Stábíláísà pẹ̀lú ní ẹ̀tàn tirẹ̀ lórí páálí. Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sí i jẹ́ ti ìgbà tí iná bá pé. Bí iná bá wálẹ̀, ámpíà tí wáyà inú rẹ̀ lè gbà kò pọ̀ sí i, nítorí náà ẹrù tó lè gbé ń dínkù. Ní 150 fólítì, mo máa ń ka ìdajì nọ́ńbà páálí sí òótọ́, n kì í ka jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà náà ń jẹ 340. Ẹ fi nǹkan bí 60 kún un fún yúpíẹ́ẹ̀sì tó ń rọ iná sínú bátìrì, ó di 400. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 800. 1000VA lè gbé e, ṣùgbọ́n yóò máa gbóná. Mo ní kó ra 2000VA, kó sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ń gba iná láti 130 fólítì. Mo sì ní kó má so fíríìjì ìyá rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí fíríìjì bá fẹ́ gbéra, ó ń fa iná ní ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà ohun tó ń jẹ nígbà tó bá ti ń lọ. Bó bá ti gbéra, stábíláísà á rẹlẹ̀, yúpíẹ́ẹ̀sì á sì tún sá lọ sórí bátìrì.

Bí a ṣe tò wọ́n ṣe pàtàkì. Iná ògiri á kọ́kọ́ wọ stábíláísà, láti ibẹ̀ sínú yúpíẹ́ẹ̀sì, láti ibẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ nìkan. Ìdí rẹ̀ rèé. Nígbàkígbà tí stábíláísà bá ṣe tàà láti yí iná padà, iná máa ń já fún bí ìdá 10 sí 20 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Páwà sọ́pláì tó dára lè di ara rẹ̀ mú fún bí ìdá 16 tàbí 17 péré nígbà tí ẹrù bá kún. Ẹ rí i pé bí stábíláísà bá dá kọjú sí kọ̀ǹpútà, ìjákulẹ̀ kékeré yẹn lè mú kó kú, kó tún tàn. Yúpíẹ́ẹ̀sì tó wà láàárín wọn á ti fi bátìrì dí àlàfo yẹn láàárín ìdá mẹ́rin sí mẹ́wàá.

Iná tó ga jù ni ọ̀tá kọ̀ǹpútà gan-an, kì í ṣe èyí tó kéré. Bí wáyà níútírà bá já lórí òpó, iná tó ń wọ ilé kan lè ga kọjá 300, ó sì lè súnmọ́ 415. Nínú páwà sọ́pláì, ẹ̀yà kan tí a ń pè ní kapásítọ̀ ló ń gba iná yìí mọ́ra, 400 tàbí 450 fólítì ni wọ́n sì máa ń kọ sí i lára. Iná ògiri tí a bá kà ní 415 máa ń ga dé nǹkan bí 587 ní góńgó rẹ̀. Kapásítọ̀ yóò bẹ́ ni. Stábíláísà àti yúpíẹ́ẹ̀sì lásán kò lè dá irú iná bẹ́ẹ̀ dúró, àwọn pẹ̀lú á jóná. Ohun tó ń gbani níbẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré kan tí àwọn oníná máa ń dè mọ́ inú àpótí fíúùsì, tó ń já iná gbogbo ilé bí fólítì bá ti kọjá iye tí a sọ fún un. Ẹ jẹ́ kí oníná tó mọṣẹ́ dè é, kó fi í sí 260, kó sì jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó dá iná padà, nítorí iná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú dé máa ń lọ sókè sódò kó tó fìdí múlẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé gílóòbù ṣàdédé mọ́lẹ̀ kọjá ààlà, tí fáànù sì ń sáré bí ẹni ń lépa nǹkan, ẹ má yẹ stábíláísà wò. Ẹ sáré pa iná ní ìdí mítà.

Ó ku ìdánwò kan. Nígbà tí a to gbogbo rẹ̀ tán nílé ọmọ náà, mo ní kó fi géèmù pamọ́, kó tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo sì fa wáyà yúpíẹ́ẹ̀sì yọ lára stábíláísà. Kọ̀ǹpútà náà ń bá eré rẹ̀ lọ. Mo ka ìṣẹ́jú márùn-ún, mo dá iná padà. Ẹ ṣe ìdánwò yìí lọ́jọ́ tí ẹ bá ra yúpíẹ́ẹ̀sì, níwájú ẹni tó tà á bó bá ṣeé ṣe, nítorí iná tí àwọn olówó pọ́ọ́kú ń gbé jáde láti inú bátìrì kì í yí wọ́ọ́rọ́ bíi ti ògiri. Ó ń fò bí àtẹ̀gùn. Páwà sọ́pláì mìíràn kò fẹ́ ẹ. Á máa kùn, tàbí kó kú lójú ẹsẹ̀ bí wáàtì tilẹ̀ tó. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí wọ́n kọ "pure sine wave" sí lára.

Ẹ tún ìdánwò náà ṣe lóṣooṣù, kí ẹ sì kọ iye ìṣẹ́jú tó lò sílẹ̀. Ooru ń pa bátìrì: bí ibi tó wà bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ju 25 lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ ń di ìdajì. Nítorí náà ẹ má fi yúpíẹ́ẹ̀sì há abẹ́ tábìlì lẹ́yìn kọ̀ǹpútà tó ń fẹ́ ooru lé e. Lọ́jọ́ tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá di márùn-ún, bátìrì ti di èyí tí à ń pààrọ̀ nìyẹn. Ẹ ra irú rẹ̀ gan-an, fólítì kan náà, Ah kan náà, kí ẹ sì pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Bátìrì ògbólógbòó kan yóò fa tuntun ẹgbẹ́ rẹ̀ lulẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má lọ sọ́jà láìmọ nọ́ńbà mẹ́ta yìí: wáàtì tí kọ̀ǹpútà yín ń jẹ nígbà géèmù, fólítì tó kéré jù tó ń wọ ilé yín lálẹ́, àti èyí tó ga jù. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, kí ẹ mú un dání. Bí ẹni tó ń tajà bá ń fi 650 tàbí 1000 orí páálí hàn yín, ẹ ní kó yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà sí yín.